Mo Ní Kì í Ṣe Tiwa

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní sùúrù fún mi. Ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú mi láti ìgbà tí ìjà ìdìbò di ogun ní Côte d'Ivoire, tí ọ̀pọ̀ àwa ará Èjìgbò tó wà ní Abidjan fi sá wálé. Mi ò sọ ọ́ fún ìyàwó mi. Mi ò sọ ọ́ fún lèmọ́ọ̀mù. Ní Ọjọ́rú tó ń bọ̀, wọ́n ní kí n wá jẹ́rìí níwájú agbẹjọ́rò kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí.

Mi ò ní dárúkọ ara mi. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á fẹ́ tọpinpin mi. Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu, télọ̀ kún Èjìgbò, orúkọ tí mo sì máa fún ọmọkùnrin inú ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe orúkọ rẹ̀.

Ara máa ń tètè fu mí. Bàbá mi ló máa ń sọ pé ìfura loògùn àgbà, mo sì gbé oògùn náà mì tìgò-tìgò. Ní Abidjan, bí oníbàárà bá kí mi ju bó ṣe yẹ lọ, màá ti máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ẹ rántí èyí, torí òun ló fa gbogbo rẹ̀.

Sékù ni màá pe ọmọ náà. Ìyá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Ìsundunrin, lẹ́bàá Èjìgbò níbí. Bàbá rẹ̀ jẹ́ Jùlà, ìyẹn àwọn Mùsùlùmí ìhà àríwá ibẹ̀. Nígbà tí bàbá kú, ìyá padà wálé, Sékù dúró sí Abidjan, ó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe. Èmi ni mo máa ń rán aṣọ Iléyá rẹ̀. Mo mọ ìwọ̀n èjìká rẹ̀ lórí.

Nígbà tí ogun dé àdúgbò wa, àwọn ọmọ ogun abẹ́lé gbé táyà àti igi dí ojú títì, wọ́n ń pè é ní bàráàjì. Wọ́n ń yẹ káàdì gbogbo ẹni tó ń kọjá wò. Orúkọ ni wọ́n ń wò. Bí orúkọ rẹ bá jẹ́ ti Jùlà, tàbí ti àwọn ará Màlì, wọ́n á fà ọ́ lọ sẹ́yìn ògiri ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Àwọn tí wọ́n fà lọ sẹ́yìn ògiri yẹn kì í padà.

Ìṣòro àwa Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Ànàgó níbẹ̀, ni pé orúkọ Mùsùlùmí kan náà la jọ ń jẹ́. Àwọn àgbà wa lọ bẹ ọ̀gá bàráàjì, ó sì gbà pé òun ò ní fọwọ́ kan Ànàgó. Ṣùgbọ́n báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tó jẹ́ Ànàgó lóòótọ́? Ó ní kí wọ́n mú ẹnì kan wá tí yóò máa dá wọn mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù mi ló sún mọ́ ibẹ̀ jù. Bí mo ṣe di adánimọ̀ nìyẹn.

Wọ́n gbé bẹ́ńṣì fún mi. Ẹni tó bá ní Ànàgó lòun, wọ́n á mú un wá bá mi. Màá bi í ní ilé tí wọ́n bí i sí, màá bi í ní oríkì rẹ̀. Bí mo bá ní "Tiwa ni," á kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, ọ̀pọ̀ ló kọjá nípasẹ̀ mi. Mo tiẹ̀ mọ̀ọ́mọ̀ gba ará Màlì kan kọjá. Ọ̀gá bàráàjì wá mọ̀. Ó fi ìdí ìbọn gbá mi lẹ́nu, eyín mi kan jábọ́, ó ní bí mo bá tún parọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, èmi náà á lọ sẹ́yìn ògiri.

Ọjọ́ kejì, lẹ́yìn ìrun Àsárì, wọ́n mú Sékù wá.

Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí káàdì. Bó ṣe rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ha, bọ̀ọ̀dá! Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ẹ̀rín yẹn ló bà mí lẹ́rù. Mo ní lọ́kàn mi, kí ló dé tí ẹ̀rù ò ba ọmọ yìí? Ta ló rán an? Mo rò ó pé ọ̀gá ló mọ̀ọ́mọ̀ rán an sí mi láti fi dán mi wò, pé bí mo bá ti ní tiwa ni, wọ́n á na káàdì Jùlà sí mi lójú. Mo bi í ní ilé ìyá rẹ̀. Ó sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní kó ki oríkì ìyá rẹ̀. Ó kì í, ó kọsẹ̀ díẹ̀, ó tún un kì. Ara wá túbọ̀ ń fu mí. Mo ní lọ́kàn mi pé wọ́n ti kọ́ ọ ní ohun tó máa sọ.

Mo mi orí. Mo sọ fún wọn ní Faransé pé kì í ṣe tiwa.

Mi ò gbọ́ ìbọn. Ohùn rẹ̀ ni mo gbọ́, ó ń pe bọ̀ọ̀dá, bọ̀ọ̀dá, títí tí mi ò fi gbọ́ mọ́. Lẹ́yìn náà mo bi àwọn ọmọ tó mú un wá pé ta ló ní kí wọ́n mú un wá. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó rán wọn. Ọ̀gá ò tiẹ̀ sí níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí mo délé, mo lọ kí ìyá rẹ̀ ní Ìsundunrin. Mo ní ogun tú wa ká, mi ò rí i. Láti ìgbà náà, ọmọ ló fi mí ṣe. Bí iṣu tuntun bá dé, tèmi á wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá lọ, á bi mí: "Ṣé o ò rí i rárá, ọkọ mi? Kódà lókèèrè?" Ẹ wò ó, mo ti ń rò ó tipẹ́ pé ìyá yìí mọ̀. Kí ló dé tí kò yéé bi mí? Ṣé ó ń ṣọ́ mi ni? Mo máa ń wo iṣu rẹ̀ kí n tó jẹ ẹ́, kí Ọlọ́hun dárí jì mí.

Oṣù tó kọjá ni agbẹjọ́rò náà dé. Obìnrin ni, ọmọdé ni sí mi, ó ń bá àwọn ẹbí tó pàdánù èèyàn kó ẹ̀rí jọ. Ó pe àwa tí a ti Abidjan dé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ alága ẹgbẹ́ wa. Mo lọ jókòó sẹ́yìn, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà.

Bàbá kan bi í pé ṣé ìpẹ̀yàrun ni wọ́n ń pe ohun tí wọ́n ṣe fún wa. Ó ní ìyẹn le láti fìdí ẹ̀ múlẹ̀. Kí wọ́n tó pe nǹkan ní ìpẹ̀yàrun, ó gbọ́dọ̀ hàn pé ẹni tó ṣe é ní in lọ́kàn láti pa ẹ̀yà kan, orílẹ̀-èdè kan tàbí ẹlẹ́sìn kan run, lódindi tàbí lápá kan, torí pé wọ́n jẹ́ ohun tí wọ́n jẹ́. Ó ní ìwà ọ̀daràn sí ọmọ aráyé yàtọ̀. Bí àwọn kan bá gbé ìkọlù dìde sí ará ìlú tí kò gbé ohun ìjà, tí ó tàn kálẹ̀ tàbí tí ó létò nínú, tí ìjọba tàbí ẹgbẹ́ kan sì wà nídìí rẹ̀, ìpànìyàn tó bá wáyé nínú ìkọlù náà ti wọ ìwà ọ̀daràn yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo tí wọ́n pa nínú rẹ̀ ti tó, bí ẹni tó lọ́wọ́ sí i bá ti mọ̀ pé ìkọlù náà ń lọ. Ó ní bí wọ́n bá tiẹ̀ ṣi ènìyàn mú fún Jùlà, kò yí i padà.

Alága ní, "Ṣé àwọn ológun wọn nìkan kọ́ ló jẹ̀bi?"

Ó ní, "Rárá, bàbá. Wọn kì í gbé ẹ̀yà lọ sílé ẹjọ́. Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ọ̀gá tó pàṣẹ ní tirẹ̀, ẹni tó pa ní tirẹ̀, ẹni tó ràn wọ́n lọ́wọ́ náà ní tirẹ̀."

Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi là. Mo ní, "Lọ́yà, bí ẹnì kan ò bá mú ọ̀bẹ, tó kàn mi orí ńkọ́?"

Ó wò mí. Ó ní bí onítọ̀hún bá mọ ohun tí àwọn yẹn fẹ́ ṣe, tó sì mọ̀ọ́mọ̀ ràn wọ́n lọ́wọ́ kí wọ́n lè ṣe é, orí mímì ti tó. Mo ní bí wọ́n bá fi ikú halẹ̀ mọ́ ọn ńkọ́? Ó ní òfin mọ ìyẹn, ṣùgbọ́n ilé ẹjọ́ á bi í: ṣé ikú náà wà lọ́rùn rẹ̀ lásìkò yẹn gan-an? Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn? Ṣé ibi tó fẹ́ ṣe kò ju ibi tó ń sá fún lọ? Ó ní àṣẹ ọ̀gá kì í ṣe àwíjàre nínú irú ọ̀ràn báyìí, àti pé ọjọ́ kì í pẹ́ jù lórí rẹ̀. Kò dìgbà tó bá dé òkè òkun, ilé ẹjọ́ orílẹ̀-èdè gan-an ló yẹ kó kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ilé ẹjọ́ àgbáyé sì máa ń dojú kọ àwọn ẹni ńlá ju àwa kéékèèké lọ.

Ọ̀rọ̀ ìkẹyìn yẹn tù mí nínú. Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó tù mí nínú.

Ẹ jọ̀ọ́, mo ti gbé ìbéèrè rẹ̀ yẹn yẹ̀ wò lójoojúmọ́. Òótọ́ ni pé wọ́n gbá mi lẹ́nu. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Sékù, ìbọn ò sí lọ́rùn mi. Ọ̀gá ò sí níbẹ̀. Àwọn ọmọ méjì tó mú un wá gbà mí gbọ́, bí mo bá ní tiwa ni, wọ́n á jẹ́ kó lọ. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn. Ìfura ni mo ń sá fún.

Ní ìjẹta, ìyá Sékù wá sí ṣọ́ọ̀bù mi fúnra rẹ̀. Àgbà ti dé sí i, ọ̀kadà ló gbé e wá láti Ìsundunrin. Ó gbé àǹkárá kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n rán an ní bùbá àti ìró, òun fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ tí òun bá lọ bá lọ́yà. Ó ní lọ́yà ní orúkọ Jùlà tó wà lórí káàdì ọmọ náà nìkan ló wà nínú ìwé àwọn tó sọnù, orúkọ ìyá kò hàn níbẹ̀. Ó fẹ́ ẹni tó mọ ọmọ náà ní Abidjan, tó lè jẹ́rìí sí ẹni tó jẹ́.

Mo wo ojú rẹ̀, mo ń wá ìfura níbẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Ìyá arúgbó tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ọmọ òun dáadáa ni mo rí.

Ó ní, "Ìwọ ni mo dárúkọ fún wọn, ọkọ mi. Kò le. Sá ti sọ fún wọn pé tiwa ni."

Mo ti rán aṣọ náà tán. Ó wà níwájú mi bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọmọ Èjìgbò, ṣé ọ̀dọ̀ ìyá ni kí n kọ́kọ́ lọ, kó gbọ́ ọ lẹ́nu mi kó tó wọ aṣọ náà, àbí kí n jẹ́ kí lọ́yà kọ ọ́ sílẹ̀ ná? Ẹ má sọ fún mi pé kí n dákẹ́, mo ti ṣe ìyẹn. Ọjọ́rú ò jìnnà mọ́. Bí mo bá dé ibẹ̀, màá sọ ọ́, tiwa ni, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún tí yóò jẹ́ kí Sékù kọjá?