Àgbàdo tí Mo Fi Sínú Ìwé Tíṣà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì bú mi. Ọdún kẹfà rèé tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Èmi nìkan ni mò ń gbé, mi ò lẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Mo ń sọ ọ́ báyìí nítorí bàbá tí mo ṣẹ̀ ti fẹ́ ta gbogbo ìwé tó fọwọ́ kọ fún àwọn tó ń fi bébà wé àkàrà.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Bajulaiye, àdúgbò àwọn atẹ̀wé. Èmi ni mo máa ń tẹ ìwé àwọn èèyàn kó tó lọ sórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Tíṣà àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé ìwé wá láti Abúlé Òkúta. Ó kọ ọ́ fún àwọn ọmọ iléèwé, nípa ọjọ́ kan nínú ayé ìdílé àgbẹ̀ tálákà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní nǹkan bí ẹgbẹ̀rin ọdún sẹ́yìn.

Ìwé náà dùn. Yàrá kan ṣoṣo, ògiri amọ̀, òrùlé koríko. Àwọn àti màlúù wọn ló jọ ń sùn níbẹ̀. Àárín ilé ni wọ́n ń dáná sí, èéfín á sì wá ọ̀nà gba òrùlé jáde. Baálé á lọ ro oko lọ́fẹ̀ẹ́ fún olóyè tó ni ilẹ̀, kó tó kan tirẹ̀. Ọlọ olóyè ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi lọ ọkà, olóyè á sì bu tirẹ̀ níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì á gba ìdá mẹ́wàá. Tí baálé bá kú, olóyè á tún mú ẹran ọ̀sìn wọn tó dáa jù lọ. Ọkà tí wọ́n yá jẹ kí ìkórè tó dé, gbèsè ni. Háà, ìyà mà jẹ wọ́n o!

Òjò wọ ṣọ́ọ̀bù, ó ba ojú ewé mẹ́ta jẹ́, ibi tí ọ̀rọ̀ oúnjẹ wọn àti bí wọ́n ṣe ń ṣọdún wà. Ẹ̀rù bà mí. Mo kó wọn dànù, mo sì kọ òmíràn látinú orí ara mi. Ṣebí àgbẹ̀ ni wọ́n? Mo fún wọn ní àgbàdo sísun àti ọbẹ̀ tòmátò. Lọ́jọ́ Kérésì, mo se ìrẹsì fún wọn. Òmùgọ̀ ni mí.

Ojú Bàbá ti ń ṣe bàìbàì. Ó ní kí n bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, ó fọkàn tán mi.

Níbi ìpàdé àwọn olùkọ́ tí wọ́n ti gbé ìwé náà jáde, ọ̀dọ́mọkùnrin kan dìde. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, àgbàdo àti tòmátò ò tíì dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì nígbà yẹn.” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá gbé ìwé sún mọ́ ojú, ó wò ó títí. Mo jókòó sẹ́yìn rẹ̀, mi ò lanu.

Nígbà tí mo sìn ín délé, ó ń sọ ọ́ ṣáá: “Ẹ̀wà, ọkà báálì, àlùbọ́sà àti kábéèjì ni wọ́n ń sè pọ̀. Búrẹ́dì dúdú. Ọtí ọkà. Olóyè ló ń fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ Kérésì. Mo mà mọ̀ ọ́n! Báwo ni mo ṣe wá kọ àgbàdo?”

Látọjọ́ náà, kò kọ nǹkan kan mọ́. Ó ní orí òun ti dàrú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ò sí nítòsí. Èmi ni mò ń lọ kí i ní gbogbo ọjọ́ Sunday, a jọ máa ń jẹun.

Sunday tó kọjá, ó di ọwọ́ mi mú. Ó ní, “Ọmọ mi, wọ́n ní mò ń ṣarán. Ìwọ nìkan ni o ò fi mí rẹ́rìn-ín.”

Ẹ jọ̀ọ́, tí mo bá jẹ́wọ́, á mọ̀ pé orí òun pé. Ṣùgbọ́n kò ní í ṣílẹ̀kùn fún mi mọ́, a ò sì lẹ́lòmíràn, èmi àti òun. Kí ni kí n ṣe? Ọjọ́ Sátidé ni ẹni tó fẹ́ ra àwọn ìwé náà ń bọ̀.