Gbólóhùn Karùn-ún

Èmi Monínúọlá tí mo ń tẹ lẹ́tà ní àdúgbò Adébáyọ̀, ní Adó-Èkìtì, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́ fún ọdún méjì, èmi náà ni n ó sì sọ ọ́ jáde. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá mú mi. Àìsàn kò ṣe mí, n kò lá àlá kankan, pásítọ̀ kan kò sì pè mí jáde nínú ìjọ. Mo ń sọ ọ́ nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹnu mi ló ya ọmọ ìyá méjì nípa, n kò sì ní jẹ́ kí ẹlòmíì bá mi ròyìn rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ bú mi, kó kọ́kọ́ kà á tán.

Ẹ jẹ́ kí n yin ara mi ná, nítorí iṣẹ́ tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni mo fi ṣe ibi náà. N kò ju ìwé mẹ́ta girama lọ. Lẹ́tà àwọn oníbàárà ni mo fi kọ́ ara mi níwèé. Ogún ọdún ni mo ti fi ń tẹ ẹ̀sùn, ẹ̀bẹ̀ àti ìbínú àwọn ará Èkìtì, mo sì ṣàkíyèsí pé lẹ́tà tó gùn kì í rí èsì. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gé e fún wọn nìyẹn. Láti Ìgbẹ́mọ dé Ìjan, wọ́n mọ̀ mí. Àwọn lọ́yà pàápàá máa ń rán ènìyàn sí mi, wọn kàn kì í jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ wọn mọ̀ ni.

Lọ́jọ́ kan, Tíṣà Dùnmínínú wọlé. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni, gbogbo àdúgbò ló bẹ̀rù ẹnu rẹ̀. Ó ju ìwé mẹ́rìnlá sórí tábìlì mi, tojú tẹ̀yìn, bírò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lu òmíràn já. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Bàbá Akínbọ́lá tó wà ní Ìjan, ló kọ ọ́ sí. Ìyá wọn kú, wọ́n sì dá ọjọ́ ìsìnkú. Tíṣà wá lọ sí Àkúrẹ́ lọ tọ́jú ọmọ rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Kó tó dé, ẹ̀gbọ́n ti fa ọjọ́ náà síwájú, ó sin ìyá ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ọjọ́ tí wọ́n dá, kò sì pè é. Orí fóònù ni ó ti rí fídíò ìsìnkú ìyá tó bí i.

Mo ní, “Mọ̀mí, ìwé mẹ́rìnlá! Ṣé ẹ fẹ́ kí wọ́n fi dáná ni?”

“Kó kà á! Kó mọ ohun tó ṣe fún mi! Mo fi ohùn ránṣẹ́ sí i lórí Wásáàpù títí, ńṣe ló dí ọ̀nà mọ́ mi.”

“Ojú ìwé kejì lẹ ti pè é ní òpònú. Ibẹ̀ ló máa ká a pa sí.”

“Òpònú náà kúkú ni!”

“Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ fẹ́ bú u ni, àbí ẹ fẹ́ kó dùn ún bó ṣe dùn yín?”

Ó fa àga, ó jókòó.

Mo kọ́kọ́ kà á tán láì mú bírò dání. Ẹni tó bá tètè mú bírò, ohun tó ń pariwo nìkan ló máa rí. Lẹ́yìn náà ni mo mú bírò pupa, mo fa igi lé gbogbo èébú, nítorí èébú a máa fún ẹni tó jẹ̀bi ní ohun tí òun náà máa fi bínú. Mo fa igi lé gbogbo ibi tó ti kọ “ìgbà gbogbo” àti “gbogbo ayé ló mọ̀.” Bí ẹ bá sọ fún ènìyàn pé ìgbà gbogbo ló ń fojú tẹ́ńbẹ́lú yín, ọjọ́ kan ṣoṣo tí kò ṣe é ló máa dì mú. Mo fa igi lé ọ̀rọ̀ àtijọ́: kẹ̀kẹ́ tí wọ́n jà lé lórí nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ rán lọ sí girama.

Ó pariwo, “Ìyẹn náà dùn mí!”

“Ó dùn yín lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tirẹ̀ lọ́tọ̀ ni.”

Mo tún fa igi lé gbogbo ibi tó ti ń sọ ohun tó wà nínú ọkàn ẹ̀gbọ́n rẹ̀: ẹ kórìíra mi, ẹ ń jowú mi. Mo ní, “Mọ̀mí, ẹ kò gbé inú rẹ̀. Ohun tó ṣe ni kí ẹ kọ.” Nígbà tí a fi máa ṣe tán, ìwé mẹ́rìnlá ti di ojú ìwé kan àbọ̀. Síbẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kò tíì sí níbẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n lára.

Mo padà sí àwọn ìwé náà. N kò wá ibi tí bírò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ya ìwé, nítorí ìbínú nìkan ló ń wà níbẹ̀. Ibi tí ìkọ̀wé ti kéré tó sì tutù ni mo ń wá. Mo rí i ní ojú ìwé kọkànlá, láàárín ẹ̀sùn ẹran màlúù àti ẹ̀sùn kánópì. Ìlà kan péré ni, kò tilẹ̀ fi àmì ìyanu kankan sí i. Mo kà á sókè: “Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi kí n wá bu yẹ̀pẹ̀, ìyàwó yín ló dáhùn.”

Tíṣà dá ìwé tó fi ń fẹ́ ara rẹ̀ dúró. Ó yí ojú sí ìta. Mo ní, “Ibi tó wà nìyẹn, àbí, mà?” Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Ẹ wo ohun tí mo tẹ̀, kí ẹ sì sọ bóyá ẹlòmíì lè ṣe é ní gbogbo Adó yìí: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fa ọjọ́ ìsìnkú Màámi síwájú, ẹ kò sì pè mí. Ọdún mẹ́fà ni mo fi ń wẹ̀ ẹ́ tí mo ń fún un lóúnjẹ. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ mi kí n wá bu yẹ̀pẹ̀ lé e, ìyàwó yín ló dáhùn. Mo fẹ́ kí ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún mi.” Ohun tó ṣẹlẹ̀ wà níbẹ̀, ohun tó pàdánù wà níbẹ̀, ohun tó ń fẹ́ wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ẹ̀gbọ́n lè jiyàn sí.

Ó yẹ kí n gbé ọwọ́ kúrò. Ṣùgbọ́n èmi Monínúọlá, ẹlẹ́nu ṣómúṣómú, lẹ́tà náà wá rí lójú mi bí ọbẹ̀ tí kò lata. Mo fẹ́ kí àwọn ará Ìjan kà á kí wọ́n béèrè pé ta ló kọ èyí. Mo bá tẹ gbólóhùn karùn-ún: “Ìyára tí ẹ fi bo Màámi mú mi rò pé ohun mìíràn wà tí ẹ bò pẹ̀lú rẹ̀.” Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i. Ìgbéraga ni, ẹ jẹ́ kí n pe orúkọ rẹ̀.

Jígí ojú Tíṣà ti fọ́ lọ́jọ́ náà, kò lè ka nǹkan kan. Èmi ni mo kà á fún un. Nígbà tí mo dé ibi ìkarùn-ún, mo mọ̀ pé kò ní gbà, mo sì fò ó. Ó ní, “Monínú, o ti sọ ọ́ bó ṣe wà nínú mi.” Ó fọwọ́ sí i. Mo lẹ̀ ẹ́, mo fún awakọ̀ tó ń lọ sí Ìjan.

Bàbá Akínbọ́lá pe gbogbo ẹbí jọ. Kò ka mẹ́rin àkọ́kọ́ sí wọn létí. Ìkarùn-ún nìkan ló kà. Ó ní, “Dùnmínínú ní èmi ni mo pa ìyá wa.” Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún rántí ọ̀rọ̀ yẹ̀pẹ̀. Ọ̀rọ̀ mi ti bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nígbà tí Tíṣà gbọ́, ó sáré dé ṣọ́ọ̀bù mi pẹ̀lú jígí tuntun lójú. “Monínú, níbo ni mo ti pè é ní apààyàn? Ṣí kọ̀ǹpútà rẹ, kí n fi ojú ara mi kà á.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ibi tó burú jù nìyí. Mo ṣí i. Ojú kọ̀ǹpútà ṣì kọ sí ọ̀dọ̀ mi. Mo fa gbólóhùn karùn-ún láti orí dé ìdí, mo pa á rẹ́, mo tọ́jú rẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo wá yí i sí i. Nínú gbogbo ohun tí mo ti gé láyé mi, kò sí èyí tó tọ́ láti gé tó ìyẹn, ìgbà tí mo sì gé e ló sọ ọ́ di ìwà ìkà. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó bọ́ jígí. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi ń parọ́ mọ́ mi lórí òkú ìyá wa.” Mo ní, “Ẹ máa mú sùúrù, mà.” Sùúrù! Èmi!

Ní oṣù tó kọjá, wọ́n gbé Bàbá Akínbọ́lá wá sí ọsibítù ní Adó níbí. Tíṣà lè fi ẹsẹ̀ rìn débẹ̀. Ó yà ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní òun kò ní lọ wò ó. “Kó kú sí ìdí irọ́ rẹ̀.” Ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà ọsibítù ló ń wò.

Mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo sì kọ ìjẹ́wọ́ mi. Ojú ìwé méje ló jáde! Mo kọ pé iṣẹ́ pọ̀ lọ́jọ́ náà, pé wọ́n ti fi ìyà jẹ èmi náà rí, pé ire ni mo rò. Mo mú bírò pupa. Mo fa igi lé gbogbo àwáwí. Mo fa igi lé ibi tí mo ti ń bú ara mi kí wọ́n lè ṣàánú mi, àwáwí ni ìyẹn náà. Ohun tó kù ni mo gbé lọ sílé Tíṣà, mo sì kà á, n kò fo ẹyọ kan: “Èmi ni mo fi gbólóhùn karùn-ún sínú lẹ́tà yín. Mo fò ó nígbà tí mo ń kà á fún yín. Nígbà tí ẹ ní kí n ṣí i, mo pa á rẹ́ kí ẹ tó wò ó. Ẹ̀gbọ́n yín kò parọ́.”

Kò lù mí. Kò bú mi. Ó wọ bàtà, ó jáde, mo tẹ̀lé e.

Ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì bàbá, ó ní kí n kà á lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo kà á. Bàbá wò mí lọ wò mí bọ̀. Ó ní, “Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu rẹ mú o.” Lẹ́yìn náà ló bi àbúrò rẹ̀ pé, “Kí wá ni àwọn mẹ́rin tó kù?” Mo kà wọ́n. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ àbúrò rẹ̀ láìsí tèmi nínú rẹ̀ nìyẹn.

Bàbá ní, “Dùnmínínú, mo rántí nọ́ńbà rẹ, mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ̀ láti pè ọ́ ni. Ojú ló tì mí. Ọdún mẹ́fà, n kò wẹ Màámi lẹ́ẹ̀kan. N kò fẹ́ kí a jọ dúró létí kòtò kí àwọn ènìyàn máa wo èmi, kí wọ́n máa wo ìwọ.” Tíṣà jókòó sí ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó sì di ẹsẹ̀ bàbá mú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń tẹ̀wé, tí ẹ ń bá ènìyàn kọ ọ̀rọ̀, mo ṣì lè gé lẹ́tà ju gbogbo yín lọ, n kò sì ní pa á mọ́ra. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ bá dé ibi tó dun ẹni tí ẹ ń bá kọ ọ́, ẹ dúró. Ìrora ẹlòmíì kì í ṣe orí ìtàgé yín. Ẹ má ṣe fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan kún un.

Tíṣà àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti ń sọ̀rọ̀ lójoojúmọ́ báyìí. Èmi ni wọn kò tíì bá sọ̀rọ̀. Mo ń bẹ̀ wọ́n, mà, sà. Ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù mi ṣí sílẹ̀.