Ẹ̀kọ́ Àjàkálẹ̀ Àrùn Tí Túnmiṣe Gbà Mọ́ Mi Lọ́wọ́

Afusat, jókòó! Má gbé omi wá, má gbé nǹkan kan wá, jókòó kí o gbọ́ ohun tí ọmọ àná fi ojú mi rí! Olúwatúnmiṣe! Ọmọ tí kò tíì lo ọdún kan nílé ìwé wa, òun ni wọ́n fi ṣe olórí gbogbo àwa tíṣà ìtàn láàárọ̀ yìí. Èmi Rẹ̀míláyọ̀ ńkọ́? Ọdún mẹ́rìndínlógún ni mo ti ń kọ́ ọmọ ní ìtàn lójú ọ̀nà Addo yìí, láti ìgbà tí kíláàsì wa ti wà nínú ilé pákó, tí òjò ń rọ̀ sí wa lórí. Ṣé wọn ò rí mi ni?

O ní kí n farabalẹ̀? Kí n farabalẹ̀ kẹ̀! Mò ń jowú, mo sọ ọ́ fún ẹ tẹ́lẹ̀tẹ́lẹ̀, má wulẹ̀ bi mí.

Ọ̀gá Akínọ̀ṣọ́ tó ni ilé ìwé ló dá ìdíje yìí sílẹ̀. Ó ní kí àwa méjèèjì kọ́ kíláàsì wa ní ẹ̀kọ́ kan náà, òun á jókòó sẹ́yìn, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kọ́ jù ló máa jẹ olórí. Ẹ̀kọ́ wo ló mú? Àjàkálẹ̀ àrùn tó jà nílẹ̀ àwọn òyìnbó ní ohun tó ju ẹgbẹ̀ta ọdún lọ sẹ́yìn. Ẹ̀kọ́ tèmi! Mo mọ̀ ọ́n bí ẹni mowó. Ọkọ̀ ojú omi ló gbé e dé, ara eku àti kòkòrò inú irun eku ló wà, kókó á sọ síni lábíyá àti ní ìdí itan, kí ọ̀sẹ̀ tó pé ẹni náà ti di òkú. Wọ́n ní tí a bá ka ènìyàn mẹ́ta, ó kéré tán ọ̀kan lọ, níbòmíràn ìdajì ìlú ló kú. Inú nóòtù mi ni gbogbo ẹ̀ wà, Afusat, nóòtù tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ!

Ọmọ yìí wá kúnlẹ̀ níwájú mi lọ́jọ́ Mọ́ńdè. “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi nóòtù yín.” Mo yá a. Ọjọ́ Wẹsidé ló dá a padà, ó tún fi ìwé pélébé kan há a láàárín, ó ní ẹ ṣé gan-an ni mà. Ẹnu dídùn! Mi ò tiẹ̀ ka ìwé náà, mo sọ ọ́ sínú báàgì.

Ọjọ́ Tọ́sìdé ló kọ́ tiẹ̀. Wò ó, kò kọ ohunkóhun sójú bọ́ọ̀dù! Ó ní kí ọgbọ̀n ọmọ dìde, ó ní abúlé kan ni wọ́n, ẹni yìí ń túlẹ̀, ẹni yẹn ń da àgùntàn, ìwọ ni àlùfáà. Ó wá ń rìn láàárín wọn, ó ń fọwọ́ kàn wọ́n léjìká, “Jókòó, o ti kú.” Mẹ́rìnlá ló jókòó. Àlùfáà wà lára àwọn tó kọ́kọ́ kú, torí òun ló ń wọ ilé kiri láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn tó ń kú lọ. Ọmọbìnrin kan wá dìbọ́lẹ̀, ó ní òun ń kú, ta ni kí òun jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún? Túnmiṣe ní bíṣọ́ọ̀bù kan kọ̀wé pé bí kò bá sí àlùfáà, kí wọ́n jẹ́wọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà fún obìnrin! Ariwo sọ! Wọ́n wá sáré fi òróró yan ọkùnrin kan tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ṣe àlùfáà, Látìn tó yẹ kó kà, ó ń kọsẹ̀ lórí ẹ̀. Àwọn kan ní Ọlọ́run ló ń bínú, wọ́n ń na ara wọn ní pàṣán láti ìlú dé ìlú. Àwọn kan ní àwọn Júù ló da májèlé sínú kànga, wọ́n dáná sun aláìṣẹ̀.

Ìgbà tó wá kan ìkórè ńkọ́! Ọkà gbó, kò sẹ́ni tó máa gé e, màlúù ń jẹ̀ kiri láìsí olùṣọ́. Habeeb, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, ló ṣe ọlọ́lá tó ni ilẹ̀. Ó ní kí àwọn tó kù wá ṣiṣẹ́ lówó àtijọ́. Wọ́n ní rárá sà, ẹni tó ni abúlé kejì ń fún àwọn ní ìlọ́po méjì, pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán! Àwọn tí wọ́n so mọ́ ilẹ̀ bí ìwọ̀fà náà di ẹrù, wọ́n lọ. Ọba ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má gba ju iye tó ń gbà kí àrùn tó dé lọ, ẹni tó bá gbà á, wọ́n á kan àbà mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ń gbà á, àwọn ọlọ́lá fúnra wọn ló ń san án ní kọ̀rọ̀! Ọ̀rọ̀ náà sú àwọn ọlọ́lá míì, wọ́n da àgùntàn sórí oko, darandaran kan ṣoṣo ti tó, abúlé míì di koríko títí dòní.

Ọ̀gá dìde, ó pàtẹ́wọ́. Afusat, àtẹ́wọ́ yẹn ń dún létí mi di bí mo ṣe ń bá ẹ sọ̀rọ̀ yìí.

Ọjọ́ Fúráìdé ló kan èmi. Mo ṣí nóòtù mi, mo ń kà á, àwọn ọmọ ń kọ ọ́, bí mo ṣe máa ń ṣe é láti ọdún gbọ́nhan. “Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: lẹ́yìn àjàkálẹ̀ náà, owó iṣẹ́ àwọn lébìrà já wálẹ̀.” Ni Taofeek bá nawọ́, ọmọ bíríkìlà kan ní Jakande. Ó ní, “Mà, tí àwọn lébìrà bá ti lọ sílé fún Iléyá, ńṣe ni àwọn tó kù ń gba owó gọbọi. Báwo ni ti àwọn yẹn ṣe já wálẹ̀?” Mo ní kọ ohun tí mo sọ jàre! Ohùn Ọ̀gá wá jáde látẹ̀yìn, “Èmi tí mò ń kọ́ fẹ́ǹsì, tí mò ń bẹ lébìrà bí ẹni bẹ àna? Tíṣà, ta ló kọ nóòtù yẹn?”

Kí nìwọ náà ń bi mí bẹ́ẹ̀ sí? Ta ló kọ ọ́, ta ló kọ ọ́!

Èmi ni. Ó dáa, èmi ni! Kí n tó yá a ní nóòtù ni mo ti fa ewé kejìlá ya, mo kọ òmíràn há a. “Ga sókè” ni mo sọ di “já wálẹ̀”. Mo ní kó kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ lójú Ọ̀gá, kó lọ tẹ́! Ta ló mọ̀ pé èmi ni màá kà á? Ojú mi wà nínú ìwé, ẹnu mi ń sọ ọ́, ọkàn mi wà nínú àtẹ́wọ́ Túnmiṣe.

Má tíì ṣàánú mi, kò tíì tán. Láàárọ̀ yìí, lẹ́yìn tí wọ́n kéde ẹ̀, mò ń wá owó kẹ̀kẹ́ nínú báàgì, ni mo rí ìwé pélébé ọjọ́ Wẹsidé yẹn. Òun nìyí. Kà á. Kà á sókè!

“Mà, lójú ewé kejìlá, ó jọ pé ọwọ́ yín ṣì. Owó iṣẹ́ ga sókè ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un ṣe kó tó di Fúráìdé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.”

O gbọ́? Kò sì sọ ọ́! Nígbà tí Ọ̀gá ń bèèrè ẹni tó kọ nóòtù, ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó mọ̀, ó wo ilẹ̀, kò la ẹnu. Wọ́n fi jẹ olórí láàárọ̀ yìí, ó tún wá kúnlẹ̀ kí mi! Afusat, ṣé o ń rẹ́rìn-ín ni? Rẹ́rìn-ín, kò burú! Owú ipò yẹn, mo lè gbé e mì. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni mi ò ní dárí ẹ̀ jì í láéláé.