Bí Mo Ṣe Gba Tọ̀míwá Lọ́wọ́ Ìyá Rẹ̀

Òótọ́ tí mo fi pamọ́ fún ọdún méje ni mo fẹ́ tú síta lónìí. Mo ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin, dókítà sì ti sọ fún mi pé ọkàn mi ti rẹ̀. N kò fẹ́ kú kí ọmọ ọlọ́mọ ṣì máa ru ẹ̀bi mi kiri. Èmi Mọ́ṣádé Ṣóyẹmí, tí gbogbo Ìjẹ̀bú-Imusin ń pè ní Màmá Tíṣà, tí mo kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, èmi náà ni mo purọ́ mọ́ ọmọ ọdún mẹ́rin. Ọmọ ọmọ mi sì ni.

Ọdún tí ọkọ mi Theophilus kú ni ọmọ mi Déọlá bí ọmọ rẹ̀ kejì, ọkùnrin, Ayọ̀mípọ̀sí. Ilé mi ti dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ nígbà náà. Mo máa ń se ìkọ́kọrẹ́ ẹni méjì kí n tó rántí pé ẹnu kan ló kù. Nígbà tí Déọlá pè mí pé kí n wá bá òun wẹ ọmọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo ti ń di ẹrù kó tó sọ̀rọ̀ tán. Àárò èèyàn ló ń pa mí. N kò fi ṣe àwáwí o, mo kàn fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni.

Àkọ́bí Déọlá, Ayọ̀tọ̀míwá, ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, owú ọmọ tuntun sì mú un gidigidi. Ọmọ tí kì í tọ̀ sílé mọ́ tún bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sílé. Ó ní kí wọ́n máa pọn òun. Lọ́jọ́ kan ó dúró ti bẹ́ẹ̀dì, ó ní, “Mọ́mì, ẹ dá a padà sí ọsibítù.” Mo ti la ẹnu láti jágbe mọ́ ọn, ṣùgbọ́n Déọlá fà á mọ́ra. Ó ní, “Ó ń dùn ẹ́ pé mi ò ráyè tìẹ bíi ti tẹ́lẹ̀, àbí? O lè bínú, o sì lè sọ ọ́ fún mi. Àmọ́ a ò ní lu ọmọ.” Ó pọ̀n ọ́n yí pálọ̀ ká díẹ̀, ọmọ náà gbé orí lé e lẹ́yìn.

Bó ṣe ń ṣe é nìyẹn. Tí Tọ̀míwá bá tọ̀ sílé, á pààrọ̀ aṣọ fún un láìwí nǹkan kan. Tí àlejò bá wọlé, á ní kí wọ́n kọ́kọ́ kí Tọ̀míwá kí wọ́n tó yọjú wo ọmọ. Kò jẹ́ sọ fún un pé ọmọ ni kò jẹ́ kí òun dá a lóhùn. “Ọwọ́ mi dí, mo ń bọ̀” ni yóò sọ, yóò sì wá lóòótọ́. Nígbà mìíràn á yíjú sí ọmọ jòjòló náà, á sọ̀rọ̀ sókè kí Tọ̀míwá lè gbọ́: “Pọ̀sí, ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n rẹ ló kàn.” Kò fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ láìsí àgbàlagbà lọ́dọ̀ wọn. Ní ìrọ̀lẹ́, tí ọmọ bá ti sùn, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ti Tọ̀míwá nìkan. Eré tó bá yàn ni wọ́n á ṣe, Déọlá kò sì ní fọwọ́ kan fóònù. Lọ́dọ̀ mi ló ti kọ́ gbogbo rẹ̀, nígbà tó máa ń wá jókòó sí kíláàsì mi. Mo mọ̀ pé ó máa ṣiṣẹ́, ìyẹn gan-an ló sì bà mí lẹ́rù.

Nítorí mo ti pinnu lọ́kàn mi pé ọmọ náà ni n óò mú padà sí Imusin. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ sí i létí díẹ̀díẹ̀, bí mo bá ń dirun fún un: “Ṣé o rí i, wọn ò rí tìẹ rò mọ́. Lọ́dọ̀ tèmi, ìwọ nìkan ni.” Nígbà tí n kò rí i pé ó mú un, mo tún ṣe ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún Tọ̀míwá bá ti bẹ̀rẹ̀, mo máa ń yọ́ lọ sí yàrá, mo máa ń ká aṣọ kúrò lára ọmọ títí yóò fi jí, tí yóò fi figbe ta. Déọlá á dìde. Tọ̀míwá á jókòó ti bèbí ìṣeré rẹ̀, á máa wo ilẹ̀kùn. Ẹni tó ti tọ́ ọmọ, tó ti kọ́ ọmọ, ó ń ṣe irú èyí.

Síbẹ̀, ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, owú náà ti ń lọ. Tọ̀míwá ló ń mú nápíìnì wá, òun ló ń yan fìlà tí àbúrò rẹ̀ máa dé. Ó ń kọrin fún un, ọmọ náà sì ń wo ẹnu rẹ̀. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí n padà sílé. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà, mo ń fi òrí ra ọmọ lójú lẹ́yìn ìwẹ̀. Déọlá ti bẹ̀ mí títí pé kí n máa bọ́ òrùka ìgbéyàwó mi bí mo bá ń wẹ ọmọ, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ bọ́ ọ láti ìgbà tí Theophilus ti lọ. Òrùka náà ló ya ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́. Ẹ̀jẹ̀ yọ. Tọ̀míwá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gbé táwẹ̀lì dání bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ.

Déọlá sáré wọlé láti kíṣìnì. “Màmá, kí ló ṣe é?” Ìtìjú kọ́kọ́ mú mi, lẹ́yìn náà ni èrò kejì wọlé. Mo wo Tọ̀míwá. Mo ní, “Bi ọmọ rẹ. Ojú mi kúrò lára wọn díẹ̀ ni.”

“Èmi kọ́, Mọ́mì. Táwẹ̀lì ni mo gbé dání.”

Mo ní, “Má tún purọ́ kún un.”

Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ọdún mẹ́rin. Micah, ọkọ Déọlá, wo ẹ̀jẹ̀ tó wà lára ọmọ, ó ní kí Tọ̀míwá tẹ̀ lé mi lọ fún oṣù mẹ́ta, títí àbúrò rẹ̀ á fi gbó díẹ̀. Déọlá kò fẹ́, ṣùgbọ́n ó gbà. Ọmọ náà sunkún nínú mọ́tò láti Òde títí a fi dé Imusin. Èmi ń kọrin lábẹ́ ahọ́n mi.

Oṣù mẹ́ta di ọdún kan, ọdún kan di méje. Bí Déọlá bá ní òun fẹ́ wá mú un, mo máa ń sọ pé inú ọmọ náà kò tíì rọ̀, pé kó ní sùúrù. Bí Tọ̀míwá bá dúró lẹ́nu géètì lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé tó ń wo ọ̀nà, mo máa ń sọ pé ọwọ́ ìyá rẹ̀ dí. Bí wọ́n bá wá kí i, yóò jìnnà sí àbúrò rẹ̀. Mo rò pé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà. Lóṣù tó kọjá, aládùúgbò wa Fáyọ̀kẹ́ fẹ́ gbé ọmọ tuntun rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Ó fà sẹ́yìn. Ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e fún mi. Mo ti ṣe àbúrò mi léṣe rí.”

Ọmọ náà ti gba irọ́ mi gbọ́ débi pé ó ti di ìrántí fún un. Ọ̀sán yẹn gan-an ni mo kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Ó ní, “Mọ́mì mi ńkọ́, ṣé wọ́n mọ̀?” Mo ní rárá. Ó ní, “Ẹ pè wọ́n.”

Mo pe Déọlá, mo tún un sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, títí kan bí mo ṣe máa ń jí ọmọ lójú oorun. Kò pariwo. Ó ní, “Màmá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé ọmọ tó bá ń jowú, ó ń bẹ̀rù pé kò sí àyè fún òun mọ́ ni. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi pé bó ṣe ń ṣe yín nìyẹn? Yàrá kan wà nílé wa. Mo ti bá Micah sọ ọ́ lọ́sẹ̀ tí ẹ lọ yẹn gan-an, pé kí ẹ má padà lọ sí Imusin mọ́.”

Ọjọ́ kejì ni wọ́n wá mú Tọ̀míwá lọ. Ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó wọ mọ́tò. Ẹ̀yin ìyá àgbà tó ń lọ wẹ ọmọ, bí àárò bá ń pa yín, ẹ sọ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi ọmọdé tán an. Déọlá, Micah, Pọ̀sí, mo bẹ̀ yín. Tọ̀míwá, ìwọ ni mo bẹ̀ jù, n kò sì ní kí o dá mi lóhùn kánkán.